Níbi tí ìlà ti pàdé òpó: bí INDEX àti MATCH ṣe ń bá wa wá owó ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ádímìn wa fi fọ́ìsì mẹ́fà sọ nìyí. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò tó láti gbọ́ ọ, àti nítorí pé èèyàn ní láti fi ojú rí fọ́múlà kó tó lè tẹ̀ ẹ́.

Fọ́ìsì kìíní

   

Ìbéèrè kan wà tó ń padà wá ṣáá lórí pèpéle wa yìí. Ẹnì kan á ya àwòrán ìwé owó ọkọ̀ tó ń lò. Orúkọ ọjà á tò sí ẹ̀gbẹ́ láti òkè wá sílẹ̀, orúkọ ìlú á tò sókè láti òsì lọ sí ọ̀tún. Á wá bèèrè pé, “Ádímìn, ṣé Excel lè bá mi mú iye tó wà níbi tí ẹ̀pà àti Ìbàdàn ti pàdé, kí n má máa fi ojú wá a lójoojúmọ́?” Ó lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ méjì la ó lò, INDEX àti MATCH. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí òdo kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, owó yín ló máa lọ, Excel ò sì ní pariwo.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Ká ní a ń ra ọjà lápò lápò ní Dáwánáù ní Kánò níbí, à ń fi tírélà kó o lọ sílé. Owó ọkọ̀ àpò kan yàtọ̀ sí ara wọn: àpò àlùbọ́sà kì í ṣe ẹgbẹ́ àpò tàtàṣé gbígbẹ, Ìlọrin kì í sì ṣe ẹgbẹ́ Èkó. Iye tí mo kọ síbí yìí, mo kàn fi ṣe àpèjúwe ni o. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ bá awakọ̀ pé ádímìn ló sọ ọ́.

```
    A         B        C         D        E        F
1             ILORIN   OGBOMOSO  OSOGBO   IBADAN   LAGOS
2   EWA       3500     3800      4000     4200     5000
3   ALUBOSA   3800     4100      4400     4600     5500
4   EPA       3000     3300      3500     3700     4400
5   TATASE    2500     2800      3000     3200     3900
6   AGBADO    3200     3500      3700     3900     4600
```

Mi ò fi àmì sórí àwọn orúkọ yẹn, torí báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Èyí tó dùbúlẹ̀, tó lọ láti òsì sí ọ̀tún, òun là ń pè ní ìlà. Èyí tó dúró, tó lọ láti òkè wá sílẹ̀, òun ni òpó. Ibi tí ìlà kan àti òpó kan ti pàdé, àpótí là ń pè é. Orúkọ ìlú wà ní B1 dé F1. Orúkọ ọjà wà ní A2 dé A6. Owó fúnra rẹ̀ wà ní B2 dé F6. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí yẹn, ẹ fi í sọ́kàn, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa wọ inú fọ́múlà.

Fọ́ìsì kejì

Tí ẹ bá ń fi ojú wo ìwé yìí, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó fi ìka kan sórí EPA, ẹ ó fi ìka kejì sórí IBADAN. Ẹ ó fa ti EPA lọ sí ọ̀tún, ẹ ó fa ti IBADAN wá sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kan ara wọn, 3700 lẹ máa bá níbẹ̀. Excel ò ní ìka. Kíkà ló ń kà. Bí ìgbà tẹ́ ẹ ń júwe ilé fún ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ Márúwà ni: “Wọ títì kẹta, ka ilé mẹ́rin, òun nìyẹn.” Kò mọ orúkọ onílé, nọ́ńbà ló ń tẹ̀ lé.

Nítorí náà iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹnì kan bá wa sọ orúkọ di nọ́ńbà: ẹ̀pà, ìkelòó ni nínú àwọn ọjà? Ìbàdàn, ìkelòó ni nínú àwọn ìlú? MATCH ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ lọ sí àpótí kan tó ṣófo, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

```
=MATCH("EPA",A2:A6,0)
```

Yóò sọ pé 3. Ẹ wò ó dáadáa o. EPA wà ní ìlà tí Excel kọ 4 sí létí, ṣùgbọ́n MATCH sọ pé 3. Kò ṣìnà. Ibi tẹ́ ẹ ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kà, A2 lẹ sì sọ. EWA ni ìkíní, ALUBOSA ìkejì, EPA ìkẹta. Nọ́ńbà etí ìwé kò kàn án rárá. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ èyí yé, wàhálà kan tí mo máa sọ níwájú kò ní rí yín mú.

Ẹ ṣe ti ìlú náà:

```
=MATCH("IBADAN",B1:F1,0)
```

Yóò sọ pé 4. ILORIN ìkíní, OGBOMOSO ìkejì, OSOGBO ìkẹta, IBADAN ìkẹrin.

Iṣẹ́ kejì ni pé kí ẹnì kan gba nọ́ńbà méjèèjì, kó rìn lọ síbẹ̀, kó sì bá wa mú ohun tó wà nínú àpótí yẹn wá. INDEX nìyẹn. Ẹ ó kọ́kọ́ fún un ní agbègbè tí owó wà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìlà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà òpó. Ìlà ló máa ń ṣáájú, òpó ló ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, ilé onílé lẹ máa wọ̀.

```
=INDEX(B2:F6,3,4)
```

Yóò sọ pé 3700. Ìyẹn bá ohun tí ìka yín rí mu. INDEX ò mọ̀ pé ẹ̀pà ni, kò mọ̀ pé Ìbàdàn ni. Wọ́n ní ìlà kẹta, òpó kẹrin, ó lọ síbẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn: tí nọ́ńbà tí wọ́n fún un bá ṣìnà, á fi ìgboyà gbé owó ẹlòmíì wá fún yín.

Fọ́ìsì kẹta

Ó kù ká pa méjèèjì pọ̀. Dípò 3, a ó fi MATCH ti ọjà síbẹ̀. Dípò 4, a ó fi MATCH ti ìlú síbẹ̀. A ò sì ní máa tẹ orúkọ sínú fọ́múlà. A ó ní ibì kan tí a ń kọ ọjà àti ìlú sí, kí fọ́múlà máa kà á níbẹ̀. Ká ní lápá ọ̀tún ìwé yìí kan náà, H2 ni ẹ ń kọ ọjà sí, I2 ìlú, J2 iye àpò. K2 ni owó ọkọ̀ àpò kan yóò ti jáde, L2 sì ni àròpọ̀. Ẹ tẹ èyí sí K2:

```
=INDEX($B$2:$F$6,MATCH(H2,$A$2:$A$6,0),MATCH(I2,$B$1:$F$1,0))
```

Sí L2, ẹ tẹ:

```
=J2*K2
```

Ẹ kọ EPA sí H2, IBADAN sí I2, 40 sí J2. K2 yóò sọ 3700, L2 yóò sọ 148000. Bẹ́ ẹ bá pa IBADAN rẹ́, tẹ́ ẹ kọ LAGOS, K2 á di 4400 lójú ẹsẹ̀, L2 á di 176000. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan, “epa” àti “EPA” ọ̀kan náà ni lójú MATCH.

Àmì dọ́là tẹ́ ẹ rí yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó òyìnbó. Ó túmọ̀ sí “má kúrò níbí.” Ìdí ni pé ẹ kò ní lò ó fún wébìlì kan ṣoṣo. Ẹ ó fa K2 wálẹ̀ sí K3, K4, títí dé K100, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹrù kan. Bí Excel bá ń da fọ́múlà kọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo ohun tí kò ní dọ́là ló máa sún sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. A fẹ́ kí H2 di H3, torí ọjà ìlà kejì wà ní H3. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí tábìlì wa sún. Tí kò bá sí dọ́là, ní K3, B1:F1 tó jẹ́ orúkọ ìlú á di B2:F2. Owó ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ìlú kankan, kíá ni #N/A á jáde. Nítorí náà bí ìlà àkọ́kọ́ bá dáa, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ #N/A, àmì dọ́là ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F4 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kọ ibi náà, á bá yín fi dọ́là sí i. Lórí fóònù, ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ti gbọ́ VLOOKUP, wọ́n á ní kí ló dé tí a kò lo ìyẹn. Nínú VLOOKUP, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń ka òpó, ẹ ó kọ 5 fún Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi Ọ̀fà sáàárín Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, 5 yẹn á ṣì jẹ́ 5, ó á máa mú owó Òṣogbo wá fún ará Ìbàdàn. MATCH ń ka òpó tuntun náà mọ́ ọn fúnra rẹ̀. XLOOKUP tún wà nínú Excel tuntun, ó dáa, ṣùgbọ́n kò sí nínú Excel 2016 àti 2019 tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. INDEX àti MATCH wà nínú gbogbo wọn, ó sì wà nínú Google Sheets pẹ̀lú.

Fọ́ìsì kẹrin

Ọ̀rọ̀ òdo ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ń gbọ́ èyí nínú ọkọ̀ dúró kó tún un gbọ́ tó bá délé.

Nínú MATCH, ohun mẹ́ta ló wà nínú àkámọ́: ohun tí à ń wá, ibi tí à ń wá a sí, àti òdo. Òdo yẹn ń sọ fún un pé, “Èyí gan-an ni kó o bá mi wá. Tí kò bá sí, sọ pé kò sí.” Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, Excel ò ní bèèrè lọ́wọ́ yín. Ó á gbà pé 1 lẹ ní lọ́kàn. Ìtumọ̀ 1 sì ni pé, “Àwọn orúkọ yìí ti tò ní A, B, D láti kékeré dé ńlá. Bá mi wá èyí tí mo fẹ́. Tí o kò bá rí i, mú èyí tó kéré jù ú lọ, tó sún mọ́ ọn jù.” Àwọn ìlú wa kò tò bẹ́ẹ̀. A tò wọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń bá wọn lọ́nà ni, Ìlọrin ló ṣáájú, Èkó ló kẹ́yìn. Nítorí náà irọ́ ni a pa fún Excel látìbẹ̀rẹ̀, yóò sì bá wa gbé irọ́ náà lọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹ gbàgbé òdo ti ìlú nìkan:

```
=INDEX($B$2:$F$6,MATCH(H2,$A$2:$A$6,0),MATCH(I2,$B$1:$F$1))
```

Ẹ kọ EPA àti ILORIN, yóò sọ 3000. Ó tọ̀nà. Ẹ kọ OGBOMOSO, yóò sọ 3300. Ó tún tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ó ti dáa, wọ́n á lọ sùn. Ẹ wá kọ LAGOS. Yóò sọ 3000. Owó Ìlọrin ló mú wá fún ẹrù Èkó! Ìdí rẹ̀ ni pé ó gbà pé ìlú tò ní A, B, D. Ó rí i pé I ti ILORIN wà ṣáájú L, ó rí i pé O ti OGBOMOSO wà lẹ́yìn L. Ó ní, “Ó dáa, LAGOS kò lè sí níwájú mọ́. ILORIN ló sún mọ́ ọn.” Kò tilẹ̀ dé òpó karùn-ún rárá. Tẹ́ ẹ bá kọ IBADAN, #N/A ni yóò gbé wá, torí ojú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó kéré ju ILORIN lọ.

Nínú méjèèjì yìí, èwo ló burú jù? Ti IBADAN kọ́ o. Ti IBADAN pariwo, ẹ ó rí i, ẹ ó tún un ṣe. Ti LAGOS ló ń pani. 40 àpò ẹ̀pà lọ sí Èkó, owó ọkọ̀ tó tọ́ ni 176,000 náírà. Ìwé yín á sọ 120,000. Oníbàárà yín ní Èkó á fi 120,000 náà ránṣẹ́ mọ́ owó ọjà, ẹ ó ní ó ti pé. Tírélà á dé, awakọ̀ á bèèrè 176,000 rẹ̀ kó tó já ẹrù. Oníbàárà á ní, “Iye tẹ́ ẹ kọ fún mi nìyí.” Òótọ́ ló sì sọ. 56,000 náírà tó kù, àpò ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ wébìlì ló ti máa jáde. Kò sí ẹnì kan tó jí i. Òdo kan ni kò sí níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òdo yín pé? Ẹ lè ka fọ́múlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wo bóyá MATCH kọ̀ọ̀kan fi kọ́mà àti òdo parí. Ṣùgbọ́n ojú máa ń fo nǹkan. Ọ̀nà tó dájú ni pé kẹ́ ẹ bi í ní ìlú tí kò sí nínú tábìlì. Ẹ kọ KABBA sí I2. Tábìlì wa kò ní Kàbbà. Tí òdo bá wà, yóò sọ #N/A, ìyẹn ni pé “mi ò rí i.” Tí òdo ò bá sí, yóò fún yín ní 3000, bí ẹni pé ó ti lọ sí Kàbbà rí. Ẹ ṣe ti ọjà náà bẹ́ẹ̀: ẹ kọ IRESI sí H2. Tó bá fún yín ní owó, ẹ mọ̀ pé òdo ti ọjà ni kò sí. Tábìlì tí kò lè sọ pé “mi ò mọ̀ ọ́n” kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Fọ́ìsì karùn-ún

Wàhálà kejì tí kì í pariwo ni ti ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé MATCH ń kà láti ibi tẹ́ ẹ ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ni. INDEX náà ń rìn láti ibi tẹ́ ẹ ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró lójú kan náà. Owó bẹ̀rẹ̀ ní òpó B, orúkọ ìlú náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní B. Owó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 2, orúkọ ọjà náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 2.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi ìka fa àwọn orúkọ ìlú lórí fóònù á mú àpótí tó ṣófo ní igun mọ́ ọn. Dípò B1:F1, á di A1:F1. Ní báyìí, MATCH ka àpótí òfìfo yẹn sí ìkíní, ILORIN di ìkejì, IBADAN di ìkarùn-ún. INDEX á gba 5, á rìn lọ sí òpó karùn-ún nínú owó, Èkó ló wà níbẹ̀. 40 àpò ẹ̀pà lọ sí Ìbàdàn, tó yẹ kó jẹ́ 148,000, á di 176,000. Ẹ ti fi 28,000 lé oníbàárà lórí láìmọ̀. Tó bá bèèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú ọjà, orúkọ wo ló máa fún yín?

Àmì kan wà tí ẹ fi lè mọ èyí. Ẹ kọ ìlú tó kẹ́yìn pátápátá, LAGOS. MATCH á sọ pé 6, owó sì ní òpó márùn-ún péré. INDEX á wá òpó kẹfà, kò ní rí i, á kọ #REF! sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí #REF! fún ìlú tó kẹ́yìn tàbí ọjà tó kẹ́yìn, ẹ lọ wo ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá ń ṣe tuntun pé kí wọ́n dán igun mẹ́rin wò: EWA àti ILORIN, 3500, EWA àti LAGOS, 5000, AGBADO àti ILORIN, 3200, AGBADO àti LAGOS, 4600. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bá ìwé mu, tí KABBA àti IRESI sì gbé #N/A wá, ẹ lè máa fi kọ wébìlì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìlú kún un, ẹ fi sáàárín, kì í ṣe lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ẹ mú òpó kan láàárín, kẹ́ ẹ ní kó bá yín fi òpó tuntun sí i. Agbègbè inú fọ́múlà á gbòòrò fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí G, lẹ́yìn LAGOS, fọ́múlà kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí F lẹ ní kó parí sí.

Ó ku #N/A tí ẹ ò retí. Ọjà wà níbẹ̀, ojú yín rí i, síbẹ̀ ó ní òun ò rí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, àyè òfìfo ló wà lẹ́yìn orúkọ náà. Fóònù wa máa ń dábàá ọ̀rọ̀ sókè bọ́tìnì, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, á bá yín fi àyè kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ò lè fi ojú rí i, MATCH sì rí i, kò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fi LEN ka iye lẹ́tà rẹ̀:

```
=LEN(H2)
```

EPA jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Tó bá sọ pé 4, àyè kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ lè pa á rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí TRIM máa bá yín gé e kúrò nínú fọ́múlà:

```
=INDEX($B$2:$F$6,MATCH(TRIM(H2),$A$2:$A$6,0),MATCH(TRIM(I2),$B$1:$F$1,0))
```

TRIM yìí ń gé ti ohun tí à ń wá nìkan o. Tó bá jẹ́ orúkọ inú tábìlì fúnra rẹ̀ ló ní àyè lẹ́yìn, ẹ lọ tún un tẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni ti kíkọ orúkọ. Tẹ́ ẹ bá kọ OSOGBO sínú tábìlì, ẹ má kọ OSHOGBO sínú wébìlì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí #N/A bí yín nínú débi pé ẹ ó yọ òdo kúrò kó lè dákẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, torí wọ́n yọ ọ́, wọ́n rí i pé owó jáde. Owó jáde lóòótọ́. Owó ìlú wo?

Fọ́ìsì kẹfà

Ìyá wa kan láti Kàdúná bèèrè lẹ́yìn fọ́ìsì kẹrin pé, “Tí owó ọkọ̀ bá gbówó lórí ńkọ́? Ṣé mo máa tún gbogbo ìlà ṣe?” Rárá, ìyá mi. Ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe, inú tábìlì. Tí ẹ̀pà lọ sí Ìbàdàn bá kúrò ní 3700 tó di 4000, ẹ lọ sí E4, kẹ́ ẹ kọ 4000. Gbogbo wébìlì tó bá jẹ́ ẹ̀pà àti Ìbàdàn á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. “Gbogbo” tí mo sọ yẹn, gbogbo náà ni. Ẹrù 40 àpò tó ti lọ lóṣù tó kọjá, tí oníbàárà ti san 148,000 rẹ̀, tí ẹ ti fọwọ́ sí rìsíìtì, òun náà á di 160,000 nínú ìwé yín. Fọ́múlà kò ní ìrántí, iye tó wà nínú tábìlì lónìí nìkan ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó níparí oṣù láti ṣírò, ẹ ó rí i pé oníbàárà jẹ yín ní 12,000 tí kò jẹ yín. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á pè é, á bá a jà.

Nítorí náà, tí ẹrù bá ti gbéra, tí owó ti di àdéhùn, ẹ sọ fọ́múlà ìlà yẹn di nọ́ńbà. Ẹ fọwọ́ mú àpótí K rẹ̀, ẹ dà á kọ, ẹ padà sórí àpótí kan náà, ẹ yan Paste Special, kẹ́ ẹ sì mú Values. Iye náà á dúró síbẹ̀, fọ́múlà á kúrò lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó wù kó ṣẹlẹ̀ sí tábìlì, 148,000 yín kò ní yí. Ẹrù tí kò tíì lọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí fọ́múlà máa bá yín tọ́jú.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí lálẹ́ yìí nìyí. Ẹ kọ tábìlì mi sínú fóònù yín bó ṣe wà lókè yìí, kẹ́ ẹ tó gbé ti ara yín wọlé. Lọ́la, kí oníkálukú fi ohun tí KABBA gbé jáde ránṣẹ́ sórí pèpéle. Ẹni tó bá rí #N/A, tirẹ̀ ti dáa nìyẹn. Ẹni tí KABBA bá fún ní 3000, kó ya àwòrán fọ́múlà rẹ̀, kó fi ránṣẹ́, a ó jọ wá ibi tí òdo rẹ̀ sọnù sí kí tírélà tó gbéra.